Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá ìtumọ̀ ìwé ìbéèrè padà sí Faransé rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Alábòójútó Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jáde lọ ṣe àǹkẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń bójú tó ìtumọ̀ níbi iṣẹ́ tiwa l'Ájàṣẹ́ níbí. Faransé ni ìwé ìbéèrè fi máa ń wá, àá tú u sí Yorùbá àti Gùn, lẹ́yìn náà ẹlòmíì tí ò rí Faransé yẹn rí á tún dá a padà sí Faransé, ká wá gbé méjèèjì síra wọn ká wò ó bóyá nǹkan kan ti sọnù lọ́nà. Mo fẹ́ kí kálukú sọ tiẹ̀, màá kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ìbéèrè mẹ́jọ àjọ FAO lórí àìróúnjẹ jẹ tó ni, èyí tí wọ́n ń pè ní FIES. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a pàdé mọ̀ pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀: láàárín oṣù méjìlá tó kọjá, ṣé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé nítorí owó tàbí nǹkan míì tẹ́ ẹ fi ń wá oúnjẹ ò sí, báyìí báyìí ṣẹlẹ̀ sí yín? Ó bẹ̀rẹ̀ látorí kéèyàn máa ṣàníyàn, ó ń le sí i, títí dórí ìkẹjọ tó ní kéèyàn lo odindi ọjọ́ kan láìjẹun. Ẹni tó tú u sí Yorùbá fún wa gbọ́ èdè náà dénú, àmọ́ lójú tiẹ̀ "nítorí owó ò sí" yẹn ti ń pọ̀ jù, ó wá sọ ọ́ nínú ìbéèrè kìíní, ó sì yọ ọ́, òun àti oṣù méjìlá yẹn, kúrò nínú méje yòókù kó lè rọrùn lẹ́nu. Ìkẹjọ wá di "Ṣé ẹ ti lo odindi ọjọ́ kan rí láìjẹun?"

Nígbà tí Faransé padà dé, ó bá ti àkọ́kọ́ mu láti òkè délẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn ní bíróò, èmi ni ara ń fu, torí Faransé tó padà dé yìí ní "nítorí àìsí owó tàbí nǹkan míì" nínú gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni Yorùbá tó ń tú sọ ọ́. Níbo ló ti wá rí èyí tó kù? Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé odindi fáìlì fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kọ́lọ́ọ̀nù méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
label::Français (fr)
label::Yorùbá (yo)
```

Kò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ o. Ojú ẹ̀ ń bọ́ síbẹ̀ ni, ọwọ́ ẹ̀ sì ń tún un ṣe. Mo yọ kọ́lọ́ọ̀nù Faransé kúrò, mo fi Yorùbá nìkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì ní Kétu, tiẹ̀ wá padà dé láìsí owó, láìsí oṣù méjìlá, "ṣé ẹ ti lo ọjọ́ kan láìjẹun rí" nìkan. Ẹ wo ìlú tá a wà, ìlú àwọn Mùsùlùmí àti ìjọ Sẹ̀lẹ́, ta ni ò ní dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Gbogbo ẹni tó gba ààwẹ̀ Ramadan ló máa wọ inú àwọn tí ebi ń pa jù lọ.

Ìyá Rúkà, Kétu

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn yé mi dáadáa torí ní tiwa níbí wọ́n ò tètè rí i, orí dátà ló ti hàn. Ẹ máa rí ẹni tó ní òun ò ṣàníyàn oúnjẹ rí, òun ò dín oúnjẹ kù rí, oúnjẹ ò tán nílé òun rí, tó bá wá di ìkẹjọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti lo ọjọ́ kan láìjẹun. Ẹni tó fo gbogbo àtẹ̀gùn tó wá bára ẹ̀ lókè, ẹ lọ wo ìtumọ̀ ìbéèrè yẹn.

Tèmi jẹ́ lórí ilé. Ìwé Faransé ń wá iye èèyàn tó wà nínú ilé kan, àwọn tó jọ ń gbé tí wọ́n jọ ń jẹ. Wọ́n tú u sí "ìdílé", ìgbà tó padà dé ó ti di mọ̀lẹ́bí. Dídá a padà ló gbà wá níbẹ̀ o, torí tí wọ́n bá bi ará Kétu pé èèyàn mélòó ló wà nínú ìdílé ẹ̀, á ka àbúrò tó wà ní Kùtọnu, á ka ọmọ tó wà l'Ékòó, á ka ẹni tí ò wálé láti ọjọ́ pípẹ́. A tún un ṣe, a ní "àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé tẹ́ ẹ sì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan". Ìyẹn padà dé dáadáa.

Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ohun kan ò tíì yé mi. Ilé tí ìyàwó mẹ́ta wà, tí kálukú ń dáná tiẹ̀, tí baálé ń jẹ lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ìkòkò ta ni wọ́n máa ka baálé mọ́? Àwọn ọmọ tó ń lọ béèrè ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n, kò sì sí ìtumọ̀ kankan tó máa fi ìyẹn hàn wá.

Ọmọ Pọ́bẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Ìwé ìbí ọmọ mi ni Nàìjíríà ní kí n tú láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó tú u ti gbowó, ó tún ní kí n san òmíì kóun fi dá a padà wò bóyá ó péye. Ṣé dandan ni?

Alábòójútó Àjàṣẹ́

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn yàtọ̀. Fún ìwé ìbí, òǹtẹ̀ atúmọ̀ tí ilé ẹjọ́ mọ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ìwé ìbéèrè là ń sọ níbí, èyí tí wọ́n máa kà sétí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n á sì ṣírò ìdáhùn wọn pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Ẹ má bínú o ẹ̀yin àgbà, àmọ́ kí ló dé tá a ṣì ń ṣe nǹkan yìí? Àwọn European Social Survey tí wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ èdè kì í gbára lé dídá a padà. Èèyàn méjì ló máa tú u lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á jókòó pẹ̀lú ẹni kẹta, wọ́n á jiyàn lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fẹnu kò, wọ́n á lọ dán an wò. Owó tẹ́ ẹ fi ń wá ẹni tó máa dá a padà yẹn, ẹ fi pe atúmọ̀ kejì. Èmi rò pé ká pa á tì pátápátá.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ mi, ìdajì ohun tó o sọ tọ̀nà. Ìjókòó tó o sọ yẹn dára ju dídá ìtumọ̀ padà lọ, tówó bá wà. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí: ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà kó tó jáde ò gbọ́ Yorùbá rárá, Faransé tó padà dé yẹn nìkan ni fèrèsé tó ní. Tó o bá pa á tì, á kàn fọwọ́ sí i láìrí nǹkan kan ni. Èyí tó burú ni kí wọ́n fi ṣe àṣekágbá.

Brislin tó gbé e kalẹ̀ ní 1970, tó fi àwọn elédè méjì ní yunifásítì Guam ṣe ìdánwò ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló kìlọ̀ pé ó lè bára mu kó má dáa. Ẹni tó ń dá a padà lè gbọ́n débi pé á rí Yorùbá tó wọ́, á gbọ́ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, á sì kọ Faransé tó tọ́. Òmíì sì wà, tí ẹni àkọ́kọ́ bá tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, Yorùbá tí màmá kankan ò lè gbọ́, á padà bíi dígí ni torí Faransé ló ṣì wà nínú ẹ̀.

Alábòójútó, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yọ kọ́lọ́ọ̀nù Faransé, àmọ́ ẹ tún wo kọ́lọ́ọ̀nù `name`. Orúkọ tí FAO fún àwọn ìbéèrè yẹn ni `WORRIED`, `SKIPPED`, `ATELESS`, `WHLDAY` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ti rí ìdáhùn náà nìyẹn. Ẹ sọ wọ́n di `q1` títí dé `q8` kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Èyí tó dun èmi jù, dídá a padà ò lè rí i láé. "Oúnjẹ" ni. Faransé ní oúnjẹ, Yorùbá ní oúnjẹ, ó padà dé ó ṣì ní oúnjẹ, ta ló máa bá a jà? Ìgbà tá a lọ dán an wò ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣábẹ̀ẹ́, màmá kan ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti lo odindi ọjọ́ láìjẹun, owó ni ò sí. A ní kí wọ́n ròyìn ọjọ́ yẹn fún wa. Wọ́n ní láàárọ̀ àwọn jẹ àkàrà, ó di ọ̀sán àwọn mu gaàrí, àwọn ò rí iyán tàbí ọkà fojú kàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ò purọ́ o! Àgbàlagbà tí ò rí ọkà ò tíì jẹun, ó kàn fi nǹkan panu ni. Torí náà ni mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ má gba "bẹ́ẹ̀ ni" lásán nígbà ìdánwò, kí wọ́n ní "ẹ sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí fún mi".

A wá tún un kọ: "láìfi oúnjẹ tàbí nǹkan jíjẹ kankan sẹ́nu". Ó yé àwọn màmá kíákíá. Ó wá padà sí Faransé, ọ̀gá wò ó, ó ní kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ká yọ "nǹkan jíjẹ kankan" kúrò. Ṣé ẹ rí i? Èyí tí ò dáa ló bára mu, èyí tó dáa ni wọ́n fẹ́ dá padà. Mo kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè yẹn, mo fi ọ̀rọ̀ màmá yẹn sí i láìdárúkọ wọn, wọ́n tó gbà. Láti ìgbà yẹn mi ò fi Faransé tó padà dé ránṣẹ́ láìsí kọ́lọ́ọ̀nù àlàyé mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi

Ẹ ṣeun bàbá, fèrèsé tẹ́ ẹ sọ yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ mo ní ìbéèrè o. FIES yìí, torí kí wọ́n lè fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíì ni wọ́n ṣe ní kí gbogbo èèyàn béèrè ohun kan náà. Tá a bá fi "nǹkan jíjẹ kankan" sí i ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ọ̀dọ̀ àwọn Gùn ní "oúnjẹ" nìkan, ṣé a ò ti sọ ti Ṣábẹ̀ẹ́ di líle ju tiwọn lọ? Àwọn díẹ̀ ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Ohun kan náà tí wọ́n ń wá ni ọjọ́ tí nǹkan kan ò kan ẹnu. Tí ti Ṣábẹ̀ẹ́ bá ń mú ọjọ́ gaàrí, òun gan-an ló rọrùn jù níbẹ̀rẹ̀, àwa kàn gbé e padà sáyè ẹ̀ ni. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ti Gùn, mi ò gbọ́ ọ débẹ̀.

Ìyá Rúkà, Kétu

Èmi ò tíì gbà fún bàbá tán o. Àwọn ọ̀dọ́ Kétu níbí tó jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ á ní àwọn ti jẹun. Ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, kì í ṣe ìlú nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gùn l'Ájàṣẹ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àgbà kan àti ọmọdé kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó jẹ àkàrà nìkan láti àárọ̀, ṣé ó ti jẹun?

Alábòójútó Àjàṣẹ́

Màá béèrè. Ìdánwò ti Gùn kù sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi "ẹ sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí" ti bàbá sí i, màá sì pín in sí àgbà àti ọ̀dọ́. Mo ti ń yí àwọn `name` padà sí `q1` báyìí.