ATM gbé káàdì mi mì ní Sábó, owó sì ti kúrò nínú àkáǹtì. Ẹ wá sọ ti yín

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Sátidé tó kọjá ni mo lọ sí Sábó, ẹja tútù ni mò ń tà, owó ọwọ́ mi ò wá tó mọ́, mo yà sí ATM kan lẹ́bàá títì. Kì í ṣe ti báńkì mi o, èrò ti pọ̀ jù nídìí tiwa ni mo ṣe lọ síbẹ̀. Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́, mo tẹ PIN, mo ní kó fún mi ní ₦20,000, mo ti ń gbọ́ tó ń ka owó nínú, ni NEPA bá múná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wọn ò tètè dáhùn. Káàdì ò jáde, owó ò jáde, kí n tó pe Olúwa fóònù mi ti dún, àláàtì pé wọ́n ti yọ ₦20,000. Nígbà tíná dé, ẹ̀rọ yẹn kàn ń kí èèyàn káàbọ̀ bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Sìkiọ́rítì ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Ṣé ẹni tó bá rí káàdì yẹn ò ní máa fi gba owó mi báyìí? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe yọ owó tí mi ò fojú kàn?

Brọ̀dá Ògólóntò
Màámi, ẹ má fi ṣeré rárá. Ṣíìpù yẹn, irin pẹlẹbẹ tó ń dán níwájú káàdì, inú ẹ̀ ni PIN yín wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣiṣẹ́ ní báńkì ló sọ fún mi. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ náà, ó ti rí káàdì, ó ti rí PIN. Èmi, nígbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní Agíríìkì, ńṣe ni mo dúró tì í, iná padà dé, ó pọ káàdì mi jáde fúnra ẹ̀. Ẹ ò bá ti dúró.

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn kówó sínú ATM kí n tó fẹ̀yìn tì sí Èbúté, ibẹ̀ náà ni orúkọ tí ẹ ń pè mí ti wá, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe àpótí tí wọ́n ń kówó sí nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ Brọ̀dá, òótọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe nídìí ATM.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni ṣíìpù yẹn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan nínú, òun àti báńkì yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, ATM gan-an ò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ₦20,000, ẹ̀rọ á sọ iye yẹn fún ṣíìpù, á sọ ọjọ́ òní, á fún un ní nọ́ńbà kan tó kàn ṣà lójú ẹsẹ̀. Ṣíìpù á fi iye ìgbà tí wọ́n ti lo òun kún un, á fi kọ́kọ́rọ́ yẹn po gbogbo ẹ̀, á wá yọ nọ́ńbà kan jáde bí òǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òǹtẹ̀ yẹn wúlò. Tẹ́nì kan bá jí i gbọ́ lójú ọ̀nà tó tún fi ránṣẹ́ lọ́la, báńkì á rí i pé iye ìgbà yẹn ti kọjá, á kọ̀ ọ́.

PIN wá ńkọ́? Nídìí ATM, ṣíìpù kọ́ ló ń yẹ PIN wò. Inú bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń tì í pa, bó ṣe wà ní títìpa náà ló máa dé báńkì yín, báńkì yín ló ń wò ó bóyá òun ni. Èmi tí mò ń ṣí ẹ̀rọ, mo ti di káàdì tó gbé mì mú lọ́wọ́ lóríṣiríṣi, kò sígbà kan tí mo rí PIN ẹnikẹ́ni. Torí náà Ìyá Ìbejì, ẹni tó bá rí káàdì yín láì ní PIN ò lè fi gba owó nídìí ATM.

Ohun tó lè ṣe ni pé kó ya fọ́tò nọ́ńbà iwájú àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn, kó fi ra nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń bi í ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, àwọn ibì kan lókè òkun kì í bi í. Ẹ ti káàdì yẹn pa.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun Baba. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn o, tí mo bá ti káàdì pa, ṣé ₦20,000 yẹn á tún rọ́nà padà wọlé?

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Á wọlé. Inú àkáǹtì ni owó ń padà sí, kì í ṣe inú káàdì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á fi káàdì sílẹ̀ ní ṣíṣí torí wọ́n ń retí owó. Ẹ lo ápù báńkì yín, tàbí ẹ tẹ kóòdù wọn láti orí láìnì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì, nísinsìnyí. Nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kíà, ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, káàdì yín sì wà nínú ẹ̀rọ, ẹ rí i pé kò wúlò. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ kọ ọ́ sínú fóònù yín lálẹ́ òní.

Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe yọ owó. Báńkì yín á yẹ òǹtẹ̀ wò, á yẹ PIN wò, á wò ó bóyá owó wà, á yọ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá sọ fún ATM pé kó san. Ẹ rí i, wọ́n ti yọ owó kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bébà. Àárín méjèèjì ni NEPA bá yín. Ó yẹ kí ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́ nígbà tó jí pé mi ò san o, ẹ dá a padà. Nígbà míì ó máa ń ránṣẹ́, nígbà míì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò jẹ́ kó dé.

Tí kò bá dé, ẹ̀rọ ní ìwé tirẹ̀ nínú tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń kówó sí i á kà á, owó tó kù á lé ní ₦20,000 ju ohun tí ìwé báńkì ní ó yẹ kó kù lọ. Owó yín nìyẹn. Torí náà ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ aago sílẹ̀, àti nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà lára ẹ̀ tàbí lórí risíìtì àtijọ́ tí wọ́n bá jù sílẹ̀ níbẹ̀. "ATM Sábó" nìkan ò tó.

Sìsí Ẹ̀pẹ́
Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ó yàtọ̀ díẹ̀. Lọ́jà Ẹ̀pẹ́ níbí, iná wà o, káàdì wọlé, kò jáde. Ojú ẹ̀rọ ń sọ pé kí n yọ káàdì mi, mi ò sì rí káàdì kankan. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi, ó múra dáadáa o, ó ní àǹtí ẹ tún PIN tẹ̀, kí ẹ sì di bọ́tìnì pupa mú, á jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọlé lọ pe sìkiọ́rítì, kí n tó jáde kò sí ọkùnrin náà mọ́. Kí n tó délé, ₦65,000 ti lọ. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti kì sẹ́nu ẹ̀rọ.

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Pẹ̀lẹ́ o. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e mì, á sọ fún yín pé òun ti gbà á sílẹ̀ tàbí kó padà sí ojú ìkíni-káàbọ̀. Tó bá ń sọ pé kí ẹ yọ ọ́ tí kò sì sí nǹkan níta, káàdì yín wà lẹ́nu ẹ̀, ẹnì kan fẹ́ fa á yọ lẹ́yìn yín. Ẹ má kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíì lọ pe sìkiọ́rítì, ẹ dúró níwájú ẹ̀ kí ẹ ti káàdì pa láti orí fóònù. Títẹ PIN lẹ́ẹ̀kan sí i kì í mú káàdì tó há jáde.

Ọmọ Àgbádárìgì
Ẹ gbà mí náà. Èmi náà, káàdì mi ò ṣiṣẹ́. POS ni mo lò lójúlé wa, mo tẹ PIN tí ò dáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sọ pé PIN tí mo tẹ̀ ti kọjá iye. Mo wá lọ sí ATM, òun náà kọ̀ ọ́. Ṣé ATM máa gbé e mì tí mo bá tún lọ?

Brọ̀dá Ògólóntò
Ẹ rí i! Mo sọ ọ́, ṣíìpù mọ PIN.

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Brọ̀dá, ẹ gba díẹ̀ lára ẹ̀. Ní àwọn POS kan, ṣíìpù fúnra ẹ̀ ló ń yẹ PIN wò láì pe báńkì, ó sì ń ka iye ìgbà tí ẹ ṣì í, tó bá pé mẹ́ta, ó tì í pa. Àmọ́ báńkì náà ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Torí náà mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé ti ṣíìpù ló ti tàbí ti báńkì. Ẹ lọ sí báńkì yín kí wọ́n wò ó. ATM kì í sábà gbé e mì torí PIN tó ṣì, ohun tó ń mú un gbé e mì ni pé wọ́n ti sọ pé káàdì náà sọnù tàbí wọ́n jí i, tàbí ẹ pẹ́ jù kí ẹ tó yọ ọ́, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú.

Ọmọ Àgbádárìgì
Báńkì mi ò ní bránṣì nítòsí mi o, ó di kí n wọkọ̀ lọ síbi tó jìn. Mo tún fẹ́ gbìyànjú ATM náà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú àárọ̀, Tuesday rèé. Mo ti ti káàdì pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lánàá mo kọ́kọ́ lọ sí Sábó lọ́dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn ò lè fún mi, pé káàdì báńkì mìíràn ni, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí báńkì tó ṣe é lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Báńkì mi wá ní kí n kúkú ṣe tuntun, wọ́n gba ₦1,000 àti owó orí ẹ̀. Fún ₦20,000, mo kọ aago 6:41 àti ọjọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́. Owó ò tíì wọlé.

Sìsí Ẹ̀pẹ́
Wákàtí mélòó ló yẹ kó gbà gan-an?

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Ohun tí Sẹ́ńtírà Báńkì sọ ní 2020 ni pé tó bá jẹ́ ATM báńkì tiyín, owó gbọ́dọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, tí ẹ̀rọ bá kọ̀, wákàtí 24. Tó bá jẹ́ ti báńkì mìíràn bíi ti Ìyá, wákàtí 48. Báńkì yín ni ẹ máa bá fà á, kì í ṣe àwọn tó ni ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ pé lọ́dọ̀ wọn ló ti ṣẹlẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí cpd@cbn.gov.ng, ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn sí i.

Brọ̀dá Ògólóntò
Èmi ṣì sọ pé ẹ ò bá dúró. Tèmi jáde.

Baba Kásẹ́ẹ̀tì
Tiyín jáde torí ẹ̀rọ yẹn, bí iná bá dé, ó máa ń wò ó bóyá káàdì wà lẹ́nu ẹ̀, á tì í síta. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe kí wọ́n fà á sínú àpótí. Ẹni tó bá wà níta ò lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dáa, àmọ́ kí ẹ ti tì í pa kí ẹ tó dúró.

Ìyá Ìbejì
Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àláàtì dé. ₦20,000. Mo ń lọ sọ́jà.