Kí ni a ó máa pe ẹ̀ńbágò ìròyìn: ìfòfindè, gbèdéke, tàbí ìpamọ́dọjọ́?

Ìbéèrè láti Ìyàrà

Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà kan fún àwọn oníròyìn rédíò. Kí ni kí n pe ẹ̀ńbágò, ìyẹn ìròyìn tí wọ́n ti fi lé oníròyìn lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kó má tíì sọ? Kí sì ni kí n pè é nígbà tí ẹnì kan bá sọ ọ́ kí àkókò tó tó?

Láti Mọpà

Ìfòfindè ni, kò yẹ kó gba àròjinlẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí àbúrò mi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ibi gbogbo tó sì dé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ẹ̀ńbágò wà lórí ìgbanisíṣẹ́. Bí ìjọba bá fòfin de nǹkan, kí ni a tún fẹ́ pè é?

Láti Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́ ni olùbéèrè ń sọ, ọ̀rọ̀ ìròyìn ni. Èmi tí mo kọ́ni ní èdè Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìn tì dábàá «ìròyìn onígbèdéke», nítorí pé àkókò ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí ìwé bá ti dé ọwọ́ oníròyìn, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀, gbèdéke ti dè é nìyẹn, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Láti Kábbà

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ẹ̀gbẹ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ fàyè gbà mí lórí nǹkan méjì. Gbèdéke ni ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá: bí a bá fi ọjọ́ Ẹtì ṣe gbèdéke, kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ ti ìròyìn yìí yí padà sí òdì rẹ̀, torí pé kí ọjọ́ náà tó pé gan-an ni a kò gbọdọ̀ sọ ọ́, bó bá sì ti pé, ẹni tó bá wù lè sọ ọ́ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Èkejì ni ó wúwo jù. Ní ọdún tí mo fi ṣe olóòtú, bí ìwé wọ̀nyí ṣe ń dé ni pé ẹni tó ni ìròyìn á kọ́kọ́ bi wá pé, «Mo fẹ́ fún yín ní àbọ̀ ìwádìí kan lónìí, kí ẹ lè rí àyè kà á, kí ẹ sì bi onímọ̀ mìíràn léèrè, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e jáde kí aago mẹ́rin Ọjọ́rú tó lù. Ṣé ẹ gbà?» Bí a bá gbà, a ti fi ẹnu ara wa so ara wa. Bí a kò bá gbà, kò ní fún wa, a ó sì lọ wá ìròyìn náà níbòmíràn bí a bá lè rí i. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n kàn jù sínú àpótí lẹ́tà wa láìbéèrè, tí wọ́n wá kọ ọjọ́ gàdàgbà sí orí rẹ̀, kò tíì dè wá. Ẹ̀bẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníròyìn máa ń gba ẹ̀bẹ̀ náà kí ọ̀nà ìròyìn má baà dí. Kò dà bí ìgbà tí ọba bá wàjà, tí ìlú mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú àwọn tó ni í. Èèwọ̀ ni ìyẹn, èèwọ̀ kì í sì í bi ènìyàn bóyá ó gbà.

Ohun tí mo dábàá ni «ìpamọ́dọjọ́», nítorí pé a máa ń sọ pé a pa nǹkan mọ́ di ọjọ́ kan, ẹni tó ń pa á mọ́ sì mọ̀ pé òun gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan.

Láti Ìsánlú

Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n «ọjọ́» inú rẹ̀ kò tó, ojú mi sì rí nǹkan kan tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ rédíò tí mo ti ṣiṣẹ́ gba àbọ̀ ìwádìí kan nípa àìsàn ibà, wọ́n sì kọ 00:01 GMT sí i. A gbé e sí ojú ìwé Fesibúùkù wa ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn aago méjìlá òru, a rò pé a pa àdéhùn mọ́ láìkù síbì kan. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ti GMT, nítorí náà aago mọ́kànlá alẹ́ ni lójú àwọn tó fún wa. Wọ́n yọ orúkọ wa kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí fún oṣù mẹ́ta. Ṣé kò yẹ ká pè é ní «ìpamọ́dàkókò»?

Láti Kábbà

Àbúrò mi, ẹ̀kọ́ yín ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ tí ẹ dá lọ, ẹ má bínú. «Ọjọ́» lè dúró fún wákàtí nínú èdè wa, bí a ṣe ń sọ pé ọjọ́ ti pé. Ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ wa fi kún ìwé rẹ̀ pé aago Lọ́ńdọ̀nù máa ń yí, tiwa kì í yí: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wọn àti tiwa bára mu, nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú. Ìpamọ́dọjọ́ ti Nature, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì, tó máa ń lo aago mẹ́rin ọ̀sán ti Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ sí aago mẹ́rin wa ní oṣù Keje, ó sì bọ́ sí aago márùn-ún wa ní oṣù Kìíní. Aago tí wọ́n kọ sí ìwé ni kí a kọ́kọ́ túmọ̀ kí a tó túmọ̀ ìwé.

Láti Ìyàrà

Ẹ ṣeun, sà. Mo ti gba ìpamọ́dọjọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ ṣáájú ńkọ́? Mo ti kọ «ó rú u».

Láti Kábbà

Òfin ni a ń rú. Àdéhùn ni a ń yẹ̀, bí ẹni tó dá ìgbà fún ni tí kò wá. Ẹni tó sọ ọ́ ṣáájú yẹ ìpamọ́dọjọ́. Bí ẹni tó ni ín bá sì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, ó tú u. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ Edward Kennedy ṣòroó dá lẹ́jọ́ títí dòní.

Kennedy jẹ́ ọ̀kan nínú oníròyìn 17 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọjà wọn kó lọ wo bí Jámánì ṣe tọwọ́ bọ̀wé ìtúúbá ní Reims, ní ilẹ̀ Fáransé, ní aago 2:41 òru ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1945. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni gbogbo wọn ti ṣèlérí pé àwọn kò ní sọ ọ́ títí a ó fi yọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún ìyọ̀ǹda síwájú di aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ 8, kì í ṣe nítorí ẹ̀mí ọmọ ogun kankan, bí kò ṣe nítorí pé Stalin fẹ́ ètò ìtúúbá mìíràn ní Berlin. Ní ọ̀sán ọjọ́ 7, rédíò Jámánì láti Flensburg kéde ìtúúbá náà fáyé gbọ́. Kennedy lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé àwọn oníròyìn, ó sọ fún un pé ìlérí náà kò de òun mọ́, ó sì fi fóònù àwọn ológun pe Lọ́ńdọ̀nù. Associated Press, iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́, gbé e jáde, wọ́n sì lé Kennedy kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ọdún 2012 ni ọ̀gá iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì ti lé lógójì ọdún tí Kennedy ti kú.

Lójú tèmi, kò yẹ̀ ẹ́. Rédíò Flensburg ti tú u, ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́ kò sì sí nípamọ́ mọ́.

Láti Ẹ̀gbẹ̀

Mo gbà pé gbèdéke kò bá a mu, mo sì ti pa á rẹ́ nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n lórí Kennedy, n kò tẹ̀lé yín. Àwọn tó gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ̀rọ̀ ní Flensburg, ará Jámánì ni. Ó sọ fún ọ̀gá àyẹ̀wò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ fún àwọn mẹ́rìndínlógún tí wọ́n jọ ṣèlérí nínú ọkọ̀ kan náà, àwọn yẹn sì dákẹ́ títí ó fi gba iwájú wọn. Yíyẹ̀ ni mo pè é.

Láti Kábbà

Flensburg ti wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tó gba ìlérí yẹn, ẹ̀gbọ́n; bí wọn kò bá gbà kí rédíò náà sọ ọ́, kì bá tí sọ ọ́. Ti àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn ni n kò rí fèsì sí.

Láti Mọpà

Ó ti yé mi wàyí pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ jẹ́ kí ìfòfindè wà fún ti àbúrò mi, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó gbà.