Àkọlé ímeèlì fún ọjà Iléyá: kí ni kí n kọ tí àwọn oníbàárà á fi ṣí i?

Ìyá Jàlámíà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Jàlámíà àti léèsì ni mò ń tà, oníbàárà 1,200 ló wà nínú àkójọ ímeèlì mi. Àkọlé tí mo fẹ́ lò nìyí: "ILÉYÁ DÉ!!! Ẹ̀DÍNWÓ ŃLÁ, TÈTÈ RÀ!!!" Ẹ̀rù ń bà mí pé ó jọ ti oníjìbìtì. Kí ni kí n ṣe sí i?

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Ẹ yọ "ẹ̀dínwó" kúrò. Tí Gmail bá ti rí i, inú Spam ló ń jù ú sí.

Alágbàpolówó: Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í gbé ímeèlì lọ síbẹ̀. Ohun tó ń ba olùfiránṣẹ́ jẹ́ jù ni kí àwọn tó gbà á máa tẹ Spam mọ́ ọn lórí. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail àti Yahoo ti ní kí àwọn tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́ má jẹ́ kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tó 3 nínú 1,000. Lẹ́tà gàgàrà àti "!!!" ló ń mú kí èèyàn tẹ̀ ẹ́.

Ìyá, ẹ kọ ọjà, iye owó, àti ọjọ́ tó parí:

"Jàlámíà ọkùnrin, ₦18,000 títí Jímọ̀"

Lórí fóònù, nǹkan bí lẹ́tà 30 sí 40 ló sábà máa ń hàn. Tí ẹ bá fi "Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyedún" ṣáájú, kíkí ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n á rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń kí wọn. Ẹ fi kíkí sí ìlà kékeré tó tẹ̀ lé àkọlé. Jímọ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́: ọjọ́ tí ẹ lè fi ọjà ránṣẹ́ kẹ́yìn kó tó bá ọdún. Ẹ má kọ "Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá" kí Sùlútáànì Ṣókótó tó kéde oṣù. Tí oṣù bá yí ọjọ́ padà, àkọlé yín di irọ́.

Alhaja Agbádá: Èmi ò lo ímeèlì o, WhatsApp ni mo fi ń tà. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe Iléyá ṣáájú wa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kọ ọjọ́ ọdún, ọjọ́ tí ẹrù máa gbéra ni mò ń kọ.

Ìyá Jàlámíà: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n fi àmì ohùn sí i? Ká sì ní mo kọ méjì, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Alágbàpolówó: Ẹ fi àmì sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Android kan àti iPhone kan. Tí ẹ bá rí àpótí kékeré níbi "ọ̀", ẹ kọ ọ́ láìsí àmì. Ní ti méjì, ẹ pín àkójọ yẹn sí 600 àti 600 láìṣàṣàyàn, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ ní wákàtí kan náà. Ẹ má gbára lé iye àwọn tó ṣí i nìkan. Láti 2021 ni iPhone ti lè mú kó dà bíi pé wọ́n ṣí ímeèlì tí wọn ò tíì wò. Iye àwọn tó tẹ líǹkì ọjà inú ímeèlì náà ni kí ẹ kà. Bí ẹni 20 bá tẹ ọ̀kan, tí 24 tẹ èkejì, ìyẹn ò fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Mo gbọ́. Àwòrán àgbò kékeré ńkọ́, nínú àkọlé?

Alágbàpolówó: Ọ̀kan ò burú, tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Alhaja Agbádá: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ó máa ń mú ọjà olówó ńlá dà bí ọjà pọ́ọ́kú.