Ọ́fìn gáàsì: tíréè ìsàlẹ̀ ń jó, tòkè ò pọ́n

Ìyá Ẹlẹ́ran-páì (Àdìgbẹ̀): Ẹ̀yin èèyàn mi l'Ábẹ́òkúta, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tíréè méjì ni mo fi ń yan míìtì-páì 24 lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìsàlẹ̀ ń jó nídìí, tòkè á funfun bíi pé kò rí iná rí, àyàfi igun ẹ̀yìn lápá òsì tó máa ń pọ́n jù. Ṣé ọ́fìn ni kí n pààrọ̀ ni àbí tíréè?

Alásè Ìbarà: Ẹ má tíì náwó, mà. Abẹ́ irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ inú ọ́fìn ni iná gáàsì wà. Irin yẹn á gbóná janjan, á sì máa yan ìdí tíréè tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà gòkè. Bí tíréè ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ó ti dínà nìyẹn, abẹ́ òjìji sì ni tòkè wà.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrẹ́dì oníbíbẹ́ dán an wò. Ẹ tan ọ́fìn sí 180°C (bọ́tìnnì onínọ́ńbà, 4 ni) fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ to búrẹ́dì náà sórí pẹpẹ àárín láìlo tíréè, kó kún un, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 5. Tí kò bá tíì pọ́n, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Ẹ wo ojú, ẹ wo ìdí, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe tò.

Dúró Ṣinṣin: Wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ ààyè wọn ní ìdajì àsìkò, ó parí. Kẹ́ ẹ sì tẹ́ fóìlì sórí irin ìsàlẹ̀ yẹn.

Oníṣẹ́ Gáàsì (Kútọ̀): Ẹ má tẹ́ fóìlì síbẹ̀ o! Yóò dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, iná ò ní jó dáadáa mọ́, èéfín olóró tí kò lóòórùn lè kún ilé ìdáná. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Nígbà tí ọ́fìn bá tutù, ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kẹ́ ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ooru ń gbà sá lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìkòkò oníyanrìn lórí èédú ni èmi ń lò, kò ní pẹpẹ kankan. Ibo ni kí n gbé tíréè sí?

Alásè Ìbarà: Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó má fara kan yanrìn. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí èyí.

Dúró Ṣinṣin, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Tó bá fi máa di ìdajì àsìkò, ìdí ti ìsàlẹ̀ ti jó. Gbígbé e sókè ò lè wò ó sàn. Mà, ẹ máa yan 12 lẹ́ẹ̀kan lórí pẹpẹ àárín, 190°C, bí ìṣẹ́jú 27. Ẹ fi àlàfo ínṣì 2 sílẹ̀ yí tíréè ká. Tó bá di ìṣẹ́jú 18, ẹ yí i po kí apá ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè: tí ìdí rẹ̀ bá ti pọ́n tí kò sì rọ̀ mọ́, ojú nìkan lẹ̀ ń dúró dè. Kí 12 tó kù wà nínú fíríìjì tàbí kúlà oníyìnyín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́tà inú rẹ̀ á yọ́. Ẹ má tò wọ́n sórí tíréè gbígbóná o.

Mọ́mì Kéèkì: Ṣé àwọ̀ tíréè méjèèjì bára mu? Èyí tó ti dúdú ń gba ooru ju èyí tó ń dán lọ. Fún dúdú, ẹ dín iná kù ní nǹkan bíi 15°C.

Ìyá Ẹlẹ́ran-páì (Àdìgbẹ̀): Ẹ ṣeun gan-an. Ti ìsàlẹ̀ ló dúdú lóòótọ́! Owó bébà yọ wẹ́rẹ́ níwájú lápá ọ̀tún. Búrẹ́dì igun òsì ẹ̀yìn ti di èédú, tiwájú ọ̀tún ṣì funfun.

Oníṣẹ́ Gáàsì (Kútọ̀): Rọ́bà nìyẹn. Àmọ́ mo fura sí páìpù iná náà: ihò rẹ̀ lápá ọ̀tún lè ti dí. Ẹ wò ó bóyá iná kéré lápá ibẹ̀.

Alásè Ìbarà: Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó ń jò lọ́tùn-ún tó láti fà á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún búrẹ́dì yẹn tò ká tó tú páìpù.