Mo yọ ṣúgà kúrò nínú oúnjẹ màmá mi, mítà ò wálẹ̀

Ọmọ Ìyá Alágbo: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Dókítà ní Ìbàdàn níbí ti sọ pé màmá mi ní àtọ̀gbẹ. Mẹtifọ́mìnì nìkan ni wọ́n ń lò. Mo kó gbogbo ṣúgà kúrò nílé, mo ra suwítínà inú bébà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n kọ súkúrálósì sí lára. Wọ́n ń da ọ̀kan sínú tíì láàárọ̀, wọ́n sì ń da méjì sínú gàrí tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án, níbi tí wọ́n ti máa ń lo kóró ṣúgà mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn gàrí, 240 ni mítà ń gbé jáde. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Àti pé ṣé ó máa jẹ́ kí wọ́n fọn? Wọ́n sanra díẹ̀.

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ sá fún nǹkan yẹn! Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 2023 pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Oyin ni kí ẹ fún màmá. Oyin ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Bàbá, ẹ má bínú, mo ń ṣiṣẹ́ ní kíliníìkì àtọ̀gbẹ. Àsípátéèmù, suwítínà mìíràn, ni wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 2023, kì í ṣe súkúrálósì. Ohun tí wọ́n sì sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó fà á, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì lágbára. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ kejì fi òdiwọ̀n tí ènìyàn lè jẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, 40 mg fún kílò ara kan lóòjọ́. Ní ti oyin, ṣúgà ni. Yóò gbé mítà sókè.

Ọmọ Ìyá Alágbo, gàrí ni kí ẹ dá lẹ́jọ́. Nínú 100 g gàrí, sítáàṣì lé ní 80 g, ara á sì sọ ọ́ di glúkóòsì. Kóró ṣúgà mẹ́ta tí ẹ yọ kò ju bíi 12 g lọ. Ìyẹ̀fun inú bébà náà máa ń ní dẹ́sítírósì tàbí màlitodẹ́sítírínì tí wọ́n fi kún un, àwọn náà ń gbé mítà sókè, ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Ṣùgbọ́n bíi 1 g ni bébà kan, ìyẹn ò lè ti ẹnikẹ́ni dé 240. Ẹ dán an wò báyìí: lọ́jọ́ kan, kí wọ́n mu tíì olómi lásán pẹ̀lú suwítínà, láìjẹ nǹkan mìíràn, kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó mu ún àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì, ìdajì ife gàrí pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀pà. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún un. Ṣúgà tó bá lẹ̀ mọ́ ìka máa ń tan mítà jẹ.

Sisí Ẹlẹ́rìndòdò: Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Mínírà aláìní-ṣúgà ni ọmọ mi ń mu kiri látàárọ̀ kí eyín rẹ̀ má baà jẹ. Dókítà eyín ní ara eyín ti ń yọ́. Báwo?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Kòkòrò ẹnu kò lè sọ suwítínà di ásíìdì bó ṣe ń sọ ṣúgà dì í, òótọ́ nìyẹn, ihò eyín á dín kù. Àmọ́ ásíìdì ti wà nínú mínírà fúnra rẹ̀, òun ló ń jẹ ara eyín, pàápàá tó bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Omi ni kó máa mu.

Káyọ̀dé Gíga: Ní ti fífọn, èmi rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní Ámísítádámù, wọ́n fún ọmọ 641 ní mínírà 250 ml lóòjọ́ fún oṣù 18, àwọn kan oníṣúgà, àwọn kan oní-suwítínà. Àwọn ti suwítínà fi 6.35 kg kún, àwọn ti ṣúgà 7.37 kg.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Òótọ́ ni, 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń dàgbà ni wọ́n. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fi suwítínà ṣe ọ̀nà àtifọn, torí nígbà tó bá pẹ́, àǹfààní náà kì í hàn. Wọ́n yọ ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ kúrò nínú ìmọ̀ràn yẹn. A ò tíì mọ̀ dájú bóyá suwítínà ló ń mú kí ènìyàn sanra, àbí ẹni tó ti ń sanra ló máa ń yà sí i.

Ohun kan ṣá: tí dókítà bá fi ínsúlìnì tàbí glibẹnikílámáìdì, àwọn oògùn tó lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, kún oògùn wọn, ẹ tọ́jú ṣúgà gidi sílé. Bí ara wọn bá ń gbọ̀n tí wọ́n ń làágùn, tí mítà sì wà lábẹ́ 70, suwítínà ò lè gbà wọ́n. Kóró ṣúgà mẹ́rin ni kí wọ́n jẹ, kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ọmọ Ìyá Alágbo: Mo ti dán an wò. Tíì: 138, lẹ́yìn náà 135. Ìdajì ife gàrí pẹ̀lú ẹja: 184. Ẹ ṣé gan-an, mà. Àmọ́ màmá ní ìdajì ife kì í ṣe gàrí, ìtọ́wò ni.

Bàbá Ọlọ́jà: Èmi ò tíì fara mọ́ ọ̀rọ̀ oyin yẹn o.