Kí ló ń kùn lábẹ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o. Mo gba ohùn bàbá wa àgbà sílẹ̀ ní Ìgbógbó níbí, oríkì ìdílé ni wọ́n ń kì. Mo fi íàfóònù sétí, mo gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Mo ṣí i nínú Audacity, mo yí i sí `Spectrogram`, ni mo bá rí àwọn ilà tó tò léra wọn bí àtẹ̀gùn: 50 Hz, 100, 150, ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́: NEPA ni. Ilà tó bá tọ́, NEPA. Èyí tó bá ń wọ́, jẹnẹrétọ̀. Ó parí.

Tóbi Sábó: NEPA wo? Ní Ìgbógbó? 😂

Ọmọ Ìgbógbó: Wọn ò múná wá lọ́jọ́ náà lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì: Tèmi nínú rédíò ni o. Á kàn máa ké tàrà-tàrà-tàrà, kí n tó mọ̀, ẹnìkan á pè mí. Ọkọ mi ní kí n lọ gbàdúrà.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Ìyá Ìbejì, ẹ má gbàdúrà lé e. Fóònù yín ló ń bá ọ̀pá sọ̀rọ̀ kí ìpè tó wọlé. Bó bá wọ inú ohùn tí a gbà sílẹ̀, àwọn ilà rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 217 Hz jìnnà síra, wọ́n á yọ díẹ̀, wọ́n á pòórá. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí rédíò.

Ọmọ Ìgbógbó, ìwọ má wo ìsàlẹ̀. Ní 50, gbogbo wọn ló jọra. Ilà tó wà ní 1000 ni kí o wò. Ìlọ́po ogún 50 nìyẹn, torí náà bí ẹ́ńjìnnì bá fi ìdajì Hz péré yẹ̀ nísàlẹ̀, mẹ́wàá ló máa yẹ̀ lókè, ojú á sì rí i. Gbé `Window size` sí 16384, kí o fẹ ojú ibẹ̀ láti 900 sí 1100. Ọ̀rọ̀ bàbá á wá dà bí ẹni pé ó yọ́ pọ̀, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú, ilà là ń wá.

Ọmọ Ìgbógbó: Ah! Kò tọ́ o. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ṣàdédé já wálẹ̀, ó tún gbéra, àmọ́ kò padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fò sókè.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Ta ló ní fírísà ládùúgbò yín?

Ọmọ Ìgbógbó: Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yìn ògiri wa. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Ó yé wa. Bí fírísà bá tan, ẹrù wọ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, ó rẹlẹ̀, kó tó múra. Bó bá kú, ẹ́ńjìnnì fúyẹ́, ó fò sókè.

Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́: Mo sáà sọ ọ́, èyí tó bá ń wọ́, jẹnẹrétọ̀.

Tóbi Sábó: NEPA lẹ kọ́kọ́ pè é, alàgbà. A ṣì rí i lókè.

Bísí Ìnfátà: Tèmi tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le, bẹ́ẹ̀ iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò sí.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Orúkọ rẹ ti dáhùn. Ìnfátà ló tọ́ jù nínú gbogbo wọn, kírísítà inú rẹ̀ ló ń ka àkókò fún un. NEPA gan-an máa ń wọ́ díẹ̀díẹ̀. Òfin Akọ̀wé ò dé ibẹ̀ yẹn.

Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́: Èmi ò gbà. NEPA tiwa ní Ẹ̀pẹ́ tọ́.

Tóbi Sábó: Báwo la ṣe mọ̀ pé etí la fi gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn? Ó lè gba inú wáyà wọlé.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Ìbéèrè gidi. Wo àárín àwọn ilà: 75, 125, 175. Ẹ́ńjìnnì tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ máa ń yí po lẹ́ẹ̀mejì kó tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló ń fi 25 Hz jìnnà síra, iná inú wáyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ kékeré tí wọ́n ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, gbogbo ìyípo ló ń yìnbọn, ọgbọ́n yìí ò níí ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìgbógbó: 75 ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. 125 hàn kedere. Fóònù tí kò sí lórí ṣájà ni mo sì fi gbà á.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.

Ọmọ Ìgbógbó: Ṣé kí n wá gé àwọn ilà yẹn kúrò?

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ́dé: Wọ́n ń rìn, ibi tí o bá gé, wọ́n á ti kúrò níbẹ̀. Bí o bá gé e gbòòrò, ohùn bàbá á bá a lọ, torí nísàlẹ̀ yẹn náà ni ohùn àgbà ọkùnrin wà. Tún un gbà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríkì là ń gbọ́, kì í ṣe fírísà.

Tóbi Sábó: Kó lọ bẹ ìyá ẹlẹ́ja kó pa á fún wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì: Ìwọ lo máa san owó ẹja tó bá bàjẹ́?

Tóbi Sábó: Ẹja tó ti dì kì í bàjẹ́ láàárín wákàtí kan, ẹ̀yin ìyá yìí náà.

Ìyá Ìbejì: O ò tíì ta ẹja rí.