Àbọ̀ ọ̀rọ̀ inú rírun àbúrò mi ní Kétu

«Àbúrò mi, ọmọ ọdún 19, kì í lè dìde tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé. Parasitamọ́ọ̀lù kò ràn án. Kí ni ká ṣe?»

Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi lórí ìbéèrè mi yìí. Ìmọ̀ràn ìyá agbẹ̀bí ló ṣiṣẹ́: ibuprofẹ́ẹ̀nì 400 mílígíráàmù lẹ́yìn oúnjẹ, gbàrà tí inú rírun bá bẹ̀rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 8. Tẹ́lẹ̀, ó dìgbà tó bá ń sunkún ká tó fún un. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé ràn án díẹ̀, àmọ́ òun nìkan kò tó. Ẹni tó dá mi lóhùn pé inú rírun tòun lọ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ iléèwé lèyí o!

Ó ṣì ń dùn ún tó bá ń yàgbẹ́ lásìkò náà. Àwòrán inú tí wọ́n yà kò fi nǹkan hàn, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ní awọ inú ilé ọmọ lè hù síta kí àwòrán má rí i. A ń lọ rí dókítà àwọn obìnrin ní Kútọnu.